Kókó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdodo

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ínsúlínì inú ìgò ni wọ́n fún mi, yúníìtì 18 láàárọ̀, 10 lálẹ́. Ṣómólú ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. Apá ọ̀tún ìdodo mi ni mo máa ń gún un sí torí kì í dùn mí níbẹ̀. Síríńjì kan ni mò ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń fi sìpírítì nu abẹ́rẹ́ rẹ̀. Fíríìjì ìyá tó ń ta mínírà àti píọ̀ wọ́tà ládùúgbò wa ni mò ń gbé ìgò náà sí. Síbẹ̀, ṣúgà mi á ga tó 260 láàárọ̀, lóru ọjọ́ mìíràn òógùn á bò mí, ara mi á máa gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kún ìwọ̀n tí mò ń gún. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?”

Ẹ kú ara àìle o, mà. Kí ẹnikẹ́ni tó fi yúníìtì kan ṣoṣo kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ ikùn yín wò. Ibi tí ẹ ní kì í dùn yín yẹn gan-an ni mo fura sí.

Ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ òní. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ fi ọṣẹ ra ikùn yín títí á fi máa yọ̀. Ẹ wá fi orí ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ máa yí ìka náà po díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì, níbi tí ẹ kò tíì gún rí, bọ̀ sí apá ọ̀tún. Apá òsì á rọ̀ bí ọ̀rá ṣe ń rọ̀. Bí ọwọ́ yín bá dé apá ọ̀tún, tó wá dà bíi pé rọ́bà kan sùn sábẹ́ awọ, tó nípọn, tó le díẹ̀, tí ìka lè tọ etí rẹ̀ yí ká, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ tún fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ká awọ sókè lápá méjèèjì. Ti òsì á ká pọ̀ wẹ́rẹ́, ti ọ̀tún á kọ̀, á ki lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi ojú nìkan wò ó, torí púpọ̀ nínú kókó yìí kì í yọ síta, ìka ló ń mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ti ń wá kò ṣòro. Ínsúlínì fúnra rẹ̀ a máa mú ọ̀rá dàgbà. Tó bá ń bọ́ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀rá ibẹ̀ á wú, ojú ọgbẹ́ kéékèèké tí abẹ́rẹ́ ń dá sí i á sì jẹ́ kó yi. Ibi tó ti yi kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́. Nítorí náà ni kì í ṣe dùn yín níbẹ̀, nítorí kì í dùn yín náà ni ọwọ́ yín ṣe ń padà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kókó náà ń tóbi sí i.

Ínsúlínì tó bá wọ inú kókó kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ lásìkò tó yẹ. Lọ́jọ́ kan á há síbẹ̀ bí ọkọ̀ tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí Afárá Kẹta, lọ́jọ́ mìíràn á ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá fi èyí wo ohun tí ẹ kọ. Lálẹ́ tí yúníìtì 10 bá há, ilẹ̀ á mọ́ bá ṣúgà yín lórí 260. Lálẹ́ tí ti àárọ̀ tó ti há bá padà jáde pẹ̀lú ti alẹ́, nígbà tí oúnjẹ ti lọ nínú ikùn, ṣúgà á já, òógùn á bò yín, ara á máa gbọ̀n. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má kàn nu òógùn kí ẹ padà sùn. Ẹ wọn ṣúgà yín lójú ẹsẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ẹ jẹ kóró ṣúgà mẹ́rin tàbí kí ẹ mu ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí mítà kò bá sí nítòsí, ẹ kọ́kọ́ mu nǹkan dídùn náà ná.

Ẹ ó ti rí ìdí tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n sáré fi kún un. Tí 18 bá di 22, tí ẹ ṣì ń gún un sínú kókó, àárọ̀ á ṣì lè ga, ṣùgbọ́n lóru tó bá ya jáde, 22 ló máa ya jáde.

Ẹ fi báírò yí etí kókó náà po lára yín, kí ẹ má sì gún inú òbírí náà mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná o, ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń kó sí wàhálà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ kàn gbé 18 yẹn bó ṣe wà lọ sínú awọ tó dáa láìtíì bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ínsúlínì tó ti ń há tẹ́lẹ̀ á wọlé pátápátá nísinsìnyí, 18 tó dà bíi pé kò tó lè wá pọ̀ jù. Dókítà sábà máa ń dín in kù ní ọjọ́ tí èèyàn bá kúrò lórí kókó, ó sì lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ fi èyí ṣe, ìwọ̀n tiyín ọwọ́ dókítà ló wà: ẹni tó ń gún 18 àti 10, àpapọ̀ 28, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15 láàárọ̀ àti 8 lálẹ́, àpapọ̀ 23. Á máa wọn ṣúgà kó tó jẹun àárọ̀, kó tó jẹun alẹ́ àti kó tó sùn, á sì jí wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́ta òru fún alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì ga lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìgbà náà ni dókítà á máa fi méjì méjì kún un. Kókó náà á máa lọ fúnra rẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi òrí tàbí àdí wọ́ ọ.

Ó wá ku ibi tí ẹ ó máa gún. Ẹ wo ínsúlínì yín. Bó bá funfun bí omi wàrà lẹ́yìn tí ẹ bá yí ìgò náà, tí ó sì jẹ́ pé ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ ni wọ́n ní kí ẹ máa gún un, àdàlù ni: díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yára ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ tí ẹ fẹ́ jẹ, èyí tó pọ̀ jù ń falẹ̀. Ikùn ló ń yára gba ínsúlínì jù, itan àti ìdí ló ń falẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ti àárọ̀ máa lọ sí ikùn, kó lè bá oúnjẹ àárọ̀ pàdé, kí ti alẹ́ máa lọ sí itan, kó má baà ya lu yín láàárín òru. Kí ẹ má ṣe fo láti ikùn sí itan sí apá bó ṣe wù yín. Àárọ̀, ikùn; alẹ́, itan; ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ibi kọ̀ọ̀kan ni ẹ ti máa ń ṣí kiri.

Ẹ fi ojú inú fa ìlà kan gba ìdodo kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn láti ọ̀tún sí òsì. Ikùn ti di igun mẹ́rin. Ẹni tí kò ní kókó á lo igun kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó padà sí ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á ti lọ, awọ á ti sinmi. Tiyín kò lè rí bẹ́ẹ̀ báyìí, torí kókó ti gba apá ọ̀tún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì lókè fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ bọ́ sí igun òsì nísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ìka yín bá rí ibi tó rọ̀ dáadáa lápá ọ̀tún, tó jìnnà tó ìka méjì sí òbírí báírò yẹn, ẹ lè lò ó. Ẹ fi ìka méjì jìnnà sí ìdodo nígbà gbogbo. Nínú igun kọ̀ọ̀kan, ti òní gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìbú ìka kan jìnnà sí ti àná. Ojú méje ni ọ̀sẹ̀ kan gbà, igun kan á sì gba ojú méje láìfún ara wọn.

Ní ti itan, apá òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ni, níbi tí ọwọ́ yín máa ń bà sí tí ẹ bá dúró tí ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sọ̀ wálẹ̀. Ẹ má gún inú itan, ẹ má sún mọ́ orúnkún. Itan ọ̀tún ní ọ̀sẹ̀ yìí, ti òsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kàlẹ́ńdà ara ògiri tó fún yín ní àyè tó pọ̀ ti tó: ẹ kọ “òsì òkè, 3” síbẹ̀ láàárọ̀, ọ̀la ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀kẹrin ló kàn. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí, ibi tó mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ni yóò padà sí. Abẹ́rẹ́ síríńjì gùn ju ti ínsúlínì tó wà nínú ohun tó rí bíi gègé lọ, nítorí náà ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ká awọ sókè, ìka méjì péré, kí ẹ má baà gbé ẹran pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ gún un, ẹ rọra tì í tán, ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde kí ẹ tó fi awọ sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ síríńjì ọlọ́sẹ̀ kan ló kàn. Ẹ kò dá nìkan wà níbẹ̀, owó ló fà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì mọ̀ pé síríńjì 60 lóṣù kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ń fi rọ́pò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì tín-ín-rín débi pé ẹnu rẹ̀ lè tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, pàápàá tó bá ń la rọ́bà orí ìgò kọjá kó tó dé ara yín. Tó bá ti tẹ̀, kì í gún mọ́, ńṣe ló ń ya awọ, ara yíya yẹn sì wà lára ohun tó ń bọ́ kókó. Wọ́n fi òróró kan tí ojú kò rí pa á lára kó lè máa yọ̀ wọlé. Sìpírítì tí ẹ fi ń nù ún ló ń fọ òróró náà dànù. Èyí tó burú jù ni pé abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara yín ń padà wọ inú ìgò. Gbogbo ohun tó bá gbé láti ara tàbí láti inú báàgì, inú ínsúlínì oṣù kan ló ń rì í bọ̀. Nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí: ẹ wo síríńjì tí ẹ ti lò láti ọjọ́ Ajé. Àwọn ìlà tí ẹ fi ń ka yúníìtì ti ń pa rẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tí kò rí ìlà 18 dáadáa mọ́ lè fa 20.

Ìlànà ni ẹ̀ẹ̀kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí apá kò bá ká a rárá, lérò tèmi, kó má kọjá àárọ̀ àti alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo: kí ẹ dé ìdérí rẹ̀ padà, kí ẹ má nù ún, kí ẹ má sè é, kí ó má kan ohunkóhun, kí ẹlòmíràn má sì lò ó láéláé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ẹ bí. Tó bá ti dùn yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jù ú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kẹ́míìsì iye tí wọ́n ń ta odidi páálí. Ó sábà máa ń dín ju kí ẹ máa ra ẹyọ lọ.

Fíríìjì ìyá onímínírà ló tún kọ mí lóminú. Ẹni tó ń ta nǹkan tútù kì í fi fíríìjì sórí ìwọ̀nba, orí èyí tó tutù jù ló máa ń wà. Ínsúlínì tí ẹ kò tíì ṣí ń fẹ́ dígírì 2 sí 8, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá náà bóyá píọ̀ wọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò yín ti di yìnyín rí lóru tí NẸ́PÀ bá fi iná sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá ti dì, ẹ ka ínsúlínì náà sí èyí tó dì pẹ̀lú, ẹ má lò ó mọ́, kódà bó ti yọ́ padà. Èyí tó dì rí kì í dọ́gba mọ́. Ẹ yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nígbà mẹ́wàá, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ dá a padà nígbà mẹ́wàá, ẹ má mì ín. Èyí tó dáa á funfun kárí. Bó bá ní hóró tó ń léfòó, tàbí tí nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí ìrì, ó ti bàjẹ́.

Ìgò tí ẹ ti ṣí kò nílò fíríìjì, bí ibi tí ẹ gbé e sí kò bá gbóná kọjá dígírì 30. Ọ̀pọ̀ á dáa fún ọjọ́ 28 bẹ́ẹ̀. Ìwé inú páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí àwọn kan gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ara rẹ̀. Ìgò mílílítà 10 gba yúníìtì 1000. Tí ẹ bá ń gún 28 lójúmọ́, 784 ni ẹ ó lò ní ọjọ́ 28, ó ṣẹ́ ku 216. Ó máa ń dun èèyàn láti da á nù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ínsúlínì tí ooru ti mú lè dáa lójú kó má ní agbára mọ́.

Ilé onípáánù ní Ṣómólú ní oṣù Ẹrẹ́nà lè gbóná ju 30 lọ lọ́sàn-án. Àmù lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀: ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da iyanrìn tútù sáàárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà tí oòrùn kì í dé. Kí ìgò wà nínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin, kò ní jẹ́ kí omi gbẹ kíákíá, nítorí náà dígírì mélòó kan péré ló máa dín; lásìkò ọyẹ́ ó máa ń dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má to ìgò mẹ́ta sílé. Ọ̀kan ni kí ẹ máa rà, ní kẹ́míìsì tó ní jẹnẹrétọ̀, kí èyí tó kù ṣì wà ní fíríìjì tiwọn. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí Balógun, ẹ má jókòó tì í síwájú dáńfó, orí ẹ́ńjìnnì ni ibẹ̀ wà. Bí ẹ bá fi yìnyín sínú kúlà, ẹ fi aṣọ nípọn bò ó kí ìgò má kàn án.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú ìgò náà, síríńjì tí ẹ ń lò àti ìwé tí ẹ ń kọ ṣúgà sí dání, kí ẹ sì ní kó fọwọ́ kan ikùn yín kó tó kọ̀wé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń lo abẹ́rẹ́ tuntun sínú awọ tó dáa pẹ̀lú ìwọ̀n tó bá fún yín, tí ṣúgà ṣì ń ga fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ìgò náà kí a tó dá ìwọ̀n lẹ́bi. Bó bá kọjá 300 tí ẹ sì ń bì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgò mọ́.

Ẹ má ju síríńjì tí ẹ ti lò sínú lọ́rà bọ́là, torí ọwọ́ ni àwọn tó ń fi ọmọlanke kó o ń fi tú u. Ike líle tó ní ìdérí dáa. Tó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e lọ fún wọn ní ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń gba ínsúlínì.